Mo béèrè owó oṣù lónìí, kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà

Ilẹ̀ ti ṣú, mo ṣì ń ro ọ̀rọ̀ tèmi àti mánéjà tó ń wá èèyàn síṣẹ́ yẹn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 la lò lórí fóònù láàárọ̀, mo sì béèrè iye tí wọ́n fẹ́ san kó tó pẹ́ jù. Àyà mi já gan-an o, ṣùgbọ́n mo béèrè.

Torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni. Intáfíù 4 ni mo ṣe níbì kan, ọ̀sẹ̀ 5 gbáko, wọ́n tún fún mi ní ìdánwò tó gba Sátidé àti Sọ́ńdè mi tán, ìgbà tí lẹ́tà wá dé, tá a bá pe owó tí mò ń gbà níbi tí mo wà ní 100, 80 ni wọ́n fẹ́ san. Mo ní mi ò lè gbà á. Inú bí mánéjà ibẹ̀, ó ní ṣé mi ò lè ti sọ látìbẹ̀rẹ̀ ni, mi ò sì rí nǹkan kan sọ torí òótọ́ ni. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ kí n má bàa dà bí olójúkòkòrò, òun gan-an ló ba àárín wa jẹ́.

Lónìí mo jẹ́ kí màdáámú yìí ṣàlàyé iṣẹ́ náà tán, mo dáhùn ìbéèrè tiẹ̀ náà, ìgbà tó wá ní ohun tó kàn ni ìdánwò àti intáfíù pẹ̀lú èèyàn 3, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni àyè ẹ̀ ti ṣí, torí pé látibẹ̀ lọ àsìkò tèmi àti tiwọn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo ní, "Ẹ ṣeun mà, iṣẹ́ yìí wù mí, pàápàá bẹ́ ẹ ṣe ní a máa tún ètò ìṣirò owó yẹn ṣe látìpìlẹ̀. Kí n tó gba àsìkò àwọn yòókù, ẹ jọ̀ọ́, iye wo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ipò yìí, láti ibo dé ibo?"

Mi ò sọ pé èló lẹ máa san fún mi. Ìyẹn á dà bíi pé mo ti ń ná ọjà, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì sọ pé àwọn fẹ́ mi. Àmọ́ níbi tó pọ̀, wọ́n ti máa ń fọwọ́ sí iye ìsàlẹ̀ àti iye òkè fún ipò kan kí wọ́n tó polówó ẹ̀, ohun tó ti wà nílẹ̀ ni mo kàn béèrè. Kì í sì í ṣe àfojúdi, ní ìpínlẹ̀ Kolorádò ní Amẹ́ríkà, látọdún 2021 ni òfin ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìpolówó iṣẹ́ fúnra ẹ̀.

Ló bá dá a padà sí mi: "Ẹ̀yin ńkọ́, èló lẹ ń retí?" Mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo ní mi ò tíì mọ bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó, mi ò fẹ́ pe iye tí ò bá a mu, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lè sọ tiwọn, lójú ẹsẹ̀ ni màá sọ bóyá ó tẹ́ mi lọ́rùn. Tó bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, màá sọ iye méjì fún un, èyí tó kéré níbẹ̀ á sì jẹ́ èyí tí mo lè gbà tọkàntọkàn, torí òun ni wọ́n máa dì mú. Kéèyàn máa yẹ̀ ẹ́ nìṣó lẹ́yìn ìyẹn, ó ti ń di ìjà nìyẹn.

Kò béèrè mọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ò láṣẹ láti sọ ọ́, pé ọwọ́ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló wà. Mo gbà á gbọ́. Mo ní kò burú rárá mà, ṣé kí n kọ̀wé sí wọn ni? Ó ní òun fúnra òun máa sọ fún wọn, ohùn ẹ̀ ò sì yí padà títí a fi dágbére.

Ọ̀sán ni ímeèlì wọn dé. Tá a bá tún pe tèmi ní 100, 95 sí 125 ni wọ́n kọ. Inú mi kọ́kọ́ dùn, àfi ìgbà tí mo tún un kà mo rí i pé wọn ò sọ bóyá kí wọ́n tó yọ owó orí ni àbí lẹ́yìn ẹ̀, wọn ò sì sọ bóyá bónọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀. Mo fi ìlà kan béèrè. Wọ́n ní kí wọ́n tó yọ owó orí ni, bónọ́ọ̀sì ò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe ṣírò tèmi náà nìyẹn, nítorí náà a jọ ń sọ ohun kan náà.

125 yẹn ò jẹ mí lójú ṣá. Iye òkè, ẹni tó ti mọ iṣẹ́ ọ̀hún dunjú ni wọ́n sábà máa ń fi í pamọ́ fún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àárín ló yẹ kó máa wò, àárín sì ni 110. Mi ò lè kúrò níbi tí mo wà fún ohun tó bá kéré sí 108. Mo wá kọ ọ́ sí màdáámú bó ṣe rí: pé mo dúpẹ́, pé láti àárín sókè bá mi mu, tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń rò fún mi kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ fún mi báyìí.

Ó dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní àárín lòun náà ń rò, ó dúpẹ́ pé mo ti sọ ọ́, ó fi àkókò ìdánwò ránṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni, aago 10 àárọ̀.