Gẹntamísìn: Ẹ̀kọ́ tí Màmá kan Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ti mọ́ kíkọ "gẹntamísìn, 80 milígíráàmù, wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ". Ọwọ́ tèmi náà mọ́ ọn nígbà kan. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa. Ara káàdì oògùn la ti bá a. Áńpùlù kan jẹ́ 80, ó rọrùn fún nọ́ọ̀sì láti fà, ó sì tán síbẹ̀. Màmá kan ló mú mi jáwọ́ ńbẹ̀.

Ẹni ọdún 62 ni wọ́n, ìwọ̀n wọn kílógíráàmù 54. Ibà gbé wọn wọlé, pẹ̀lú èébì àti ìrora tó le ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Àkóràn kíndìnrín ni. Kíríátínìn wọn jẹ́ 1.1 milígíráàmù nínú dẹsilítà. Láàbù kò fi àmì kankan sí i, èmi náà kò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ gẹntamísìn bí mo ṣe máa ń kọ ọ́, mo fi abẹ́rẹ́ dáíkìlófẹ́náàkì kún un nítorí ìrora. Ní ọjọ́ kẹta ibà ti lọ. A tún kíríátínìn yẹ̀ wò, 1.1 náà ni. Ọkàn mi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òpin ọ̀sẹ̀ dé, kò sẹ́ni tó fa ìlà sí i lára káàdì, oògùn náà sì ń lọ títí di ọjọ́ kẹwàá.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n pè mí sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. "Dókítà, ọmọ mi, bí mo bá ń rìn, ilẹ̀ ń bá mi rìn."

Mo bi wọ́n bóyá òòyì ń kọ́ wọn. Wọ́n ní rárá. Mo bi wọ́n bóyá etí wọn ń hó. Wọ́n ní rárá. Mo ní àìsàn ló mú ara wọn rọ, kí wọ́n máa jẹun dáadáa. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì iná lọ, wọ́n dìde láti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì ṣubú lulẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì. Ní òwúrọ̀, kíríátínìn wọn ti di 1.9.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí 1.1 yẹn, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Kíríátínìn inú ẹran ara ló ti ń wá, màmá àgbà tí kò sanra kò sì ní ẹran ara púpọ̀. Ẹ fi ìlànà Cockcroft-Gault wò ó, èyí tó ti wà láti 1976:

```
CrCl = (140 - 62) x 54 x 0.85 / (72 x 1.1) = 45 mL/min
```

Ọmọkùnrin ẹni ọdún 25 tó wọn kílógíráàmù 70, tí tirẹ̀ náà jẹ́ 1.1, yóò ní bíi 102. Nọ́ńbà kan náà ni láàbù kọ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kíndìnrín màmá kò ṣe ju ìdajì iṣẹ́ ti ọmọkùnrin yẹn lọ. Gẹntamísìn kò sì ní ọ̀nà míì tó ń gbà jáde lára ju kíndìnrín lọ.

Ọ̀rọ̀ wákàtí ló kàn. Gẹntamísìn máa ń tàn ká inú omi ara tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin lítà fún kílógíráàmù kan, ìyẹn bíi lítà 13.5 lára màmá yìí. Pẹ̀lú kíndìnrín wọn, ìdajì oògùn yóò lọ láàárín bíi wákàtí 5. Ká ní mo fún wọn ní milígíráàmù 5 fún kílógíráàmù kan, ìyẹn 270, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò gòkè dé nǹkan bíi 20 milígíráàmù nínú lítà kan. Lẹ́yìn wákàtí 5 ó di 10, lẹ́yìn 5 míì ó di 5, ó di 2.5, ó di 1.25. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́ dáadáa, ó ti sún mọ́ 0.6.

Ẹ wá wo èyí tí mo ṣe. 80 lẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́ 240 lójúmọ́, kò tilẹ̀ tó 270. Ṣùgbọ́n kí ti àkọ́kọ́ tó jáde tán ni ìkejì ti dé bá a. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ìṣirò fi hàn pé ohun tó ga jù kò ní ju bíi 9 lọ, èyí tó lọ sílẹ̀ jù sì sún mọ́ 3. Kò ga tó láti pa kòkòrò bó ṣe yẹ, kò sì fìgbà kankan lọ sílẹ̀ débi tí kíndìnrín yóò fi sinmi.

Bí oògùn ẹbí amínóglíkósáìdì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, gẹntamísìn, amikásìn, tobiramáísìn àti sítírẹ́pítómáísìn. Bí ó bá ga sí i ni ó ń pa kòkòrò sí i, a sì ń fẹ́ kí ó ga tó ìlọ́po 8 sí 10 ìwọ̀n tó kéré jù tó lè dá kòkòrò náà dúró. Lẹ́yìn tí oògùn bá lọ sílẹ̀ pàápàá, kòkòrò tí ó kọlù kò tètè gbérí, ìdí nìyẹn tí àlàfo wákàtí kò fi bà wá lẹ́rù. Ní ti kíndìnrín, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kan tó ń gbà fa oògùn náà wọlé, megalínì ni orúkọ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn kò fẹ̀. Bí oògùn bá ya dé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà á kún, èyí tó pọ̀ jù á sì bá ìtọ̀ lọ. Bí ó bá ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru, sẹ́ẹ̀lì á máa kó o jọ láìsimi. Nítorí náà, ìwọ̀n kékeré tó ń wá léraléra kì í ṣe àánú fún aláìsàn.

Bí mo bá tún rí màmá bẹ́ẹ̀ lónìí, n ó fa 270 yẹn, ìyẹn 6.75 mílílítà, nínú áńpùlù mẹ́rin, n ó pò ó mọ́ omi iyọ̀ 100 mílílítà, kí ó wọlé láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60. N kò ní po pẹnisilíìnì mọ́ ọn nínú àpò kan náà, torí wọ́n máa ń ba ara wọn jẹ́. Dáíkìlófẹ́náàkì kò sí níbẹ̀ rárá, torí òun náà ń ni kíndìnrín lára, n ó sì kọ́kọ́ fi díríìpù dá omi tí èébì gbé lọ padà. Níbi tí láàbù bá ti lè wọn gẹntamísìn, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí 18 sí 24 lẹ́yìn ìwọ̀n àkọ́kọ́. Tí kò bá tíì wá sí ìsàlẹ̀ 1, ìwọ̀n kejì kò ní wọlé. Ẹ kọ aago tí oògùn bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Èsì tí kò ní aago kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ilé ìwòsàn tí mo wà nígbà náà kò ní irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ yín náà kò sì ní ní i. Iye ọjọ́ ni n ó fi dí i. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni n ó fún irú màmá bẹ́ẹ̀, nígbà tí a bá ń retí èsì àyẹ̀wò kòkòrò inú ìtọ̀, lẹ́yìn náà ni n ó yí i padà sí oògùn tí kò ní í fìyà jẹ kíndìnrín. Ọjọ́ tí ó máa dópin ni mo ń kọ́kọ́ kọ sí káàdì báyìí, kí n tó kọ ìwọ̀n.

Ẹ má sì jẹ́ kí kíríátínìn ọjọ́ kẹta tàn yín bó ṣe tàn mí. Ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje ni ó sábà máa ń gòkè, nígbà tí ìbàjẹ́ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ìtọ̀ kì í sì í sábà dín. Màmá wa ń tọ̀ dáadáa títí ó fi di 1.9. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ tàbí ọjọ́ méjì-méjì. Tí ó bá fi 0.3 lé sí i, ẹ dá oògùn dúró. Nígbà tó di 1.9, kíndìnrín màmá ti bọ́ sí bíi 26 nínú ìṣirò wa, oògùn tó bà á jẹ́ náà ni kò wá lè tètè jáde mọ́.

Ìlànà ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ yìí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn o. Ọmọ tuntun ní àlàfo wákàtí tirẹ̀. Àkóràn fáàfù ọkàn tí ẹnterokọ́kọ́ọ̀sì fà, ẹni tí iná jó, aboyún, ẹni tí omi kún ikùn rẹ̀, àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ pe àgbà kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Kíríátínìn màmá padà sí 1.2 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kíndìnrín sábà máa ń dárí jì wá. Etí kì í dárí jì. Sẹ́ẹ̀lì onírun inú etí kò ní hù padà bí ó bá kú, a kò sì rí ẹ̀rí tó dájú pé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ń dáàbò bo etí bó ṣe ń ṣe fún kíndìnrín. Iye ọjọ́ ni etí ń kà.

Mo gbé wọn lọ sí àyẹ̀wò ìgbọ́ràn. Ó dára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé 8000 Hz. Ohun tó rú mi lójú jù nìyẹn, títí àgbà kan fi ṣàlàyé pé amikásìn ló máa ń kọ́kọ́ kọlu ìgbọ́ràn, láti orí ohùn tó tín-ín-rín jù lọ, débi pé aláìsàn kò ní mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Gẹntamísìn àti sítírẹ́pítómáísìn, ibi tí etí fi ń mú ara dúró ṣinṣin ni wọ́n sábà máa ń bà jẹ́. Ọ̀tún àti òsì sì máa ń kú pọ̀, ìdí nìyẹn tí òòyì kò fi kọ́ màmá. Ìbéèrè tí mo bi wọ́n kò bá àìsàn wọn mu.

Ohun tó yẹ kí n bi wọ́n ni pé, ṣé ojú ọ̀nà ń fò bí ẹ bá ń rìn? Ṣé ẹ lè dúró nínú òkùnkùn? Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. Ẹ gbé káàdì lẹ́tà ojú síwájú aláìsàn, kí ó kà á bí orí rẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wá fi ọwọ́ mì orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bíi ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó tún kà á. Bí ó bá pàdánù ju ìlà méjì lọ, ẹ dá oògùn dúró lónìí. Ẹni tí kò lè dìde, ẹ ní kí ó tẹjú mọ́ imú yín, kí ẹ yí orí rẹ̀ kíákíá díẹ̀. Ojú tó bá bá orí lọ, tó wá fò padà sí imú yín, etí yẹn ti ń kú. Èyí ṣe pàtàkì torí ẹni tó dùbúlẹ̀ kì í rìn, kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi tú u sílẹ̀. Ìbàjẹ́ náà tilẹ̀ lè fara hàn lẹ́yìn tí oògùn ti parí, nítorí náà mo ń kọ orúkọ rẹ̀ àti iye ọjọ́ tó lò sínú ìwé ìtúsílẹ̀.

Ní 1952, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí sítírẹ́pítómáísìn ṣe báyìí kọ ìrírí ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí òun tó lè kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì, àfi kí òun fi orí há àárín irin méjì ní ìgbèrí, torí lílù ọkàn òun nìkan ti tó láti mú lẹ́tà máa jó. N kò tíì ka ìyẹn nígbà tí màmá padà wá sí kíliníìkì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ àti tọ́ọ̀ṣì nínú àpò. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti ń rí Bíbélì kà. Wọ́n fa àga wọn sẹ́yìn, wọ́n gbórí ti ògiri yàrá, wọ́n sì ní, "Bí mo ṣe ń kà á nìyí."