Eyín Mi Kò Sí Nínú Ìnṣọ́ránsì Mi

Àbúrò mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó pè mí láti Ìbàdàn, mo sì sọ fún un pé eyín ń dùn mí débi pé n kò lè jẹ ẹran. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà! Ṣebí ìnṣọ́ránsì yín ni yóò san án?"

Mo ní ìnṣọ́ránsì ìlera lóòótọ́, wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi. Bí apá mi bá ṣẹ́, wọ́n á san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Bí eyín mi bá jẹrà, èmi àti orí mi ni. Nílé, a máa ń kó owó lọ bá dókítà eyín, a ó ní ó ti wọ́n jù, yóò dín in kù díẹ̀, a ó sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbí, ní Mẹ́rílándì, eyín ní ilé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́: Bọ́ltímọ̀, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ fún dókítà eyín lágbàáyé sílẹ̀ ní 1840, láti ìgbà náà ni iṣẹ́ eyín ti ń rìn lọ́tọ̀ sí iṣẹ́ dókítà. Nígbà tí ìjọba dá Mẹdikéà, ìnṣọ́ránsì ìlera, sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà ní 1965, wọn kò fi ìtọ́jú eyín ojoojúmọ́ àti gíláàsì ojú sí i. Òfin ìlera ti 2010, tí wọ́n ń pè ní Obamacare, mú un ní dandan fún àwọn ọmọdé, ó fi àgbà sílẹ̀.

Ìṣirò àwọn oníṣọ́ránsì náà tún wà níbẹ̀. Jàǹbá tí a kò mọ ẹni tí yóò bá ni wọ́n ń pín owó rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ó lọ fọ eyín lọ́dọ̀ dókítà, ọ̀pọ̀ wa la ó sì lo gíláàsì. Bí wọ́n bá tún ta á fún ẹni tó bá fẹ́ nìkan, ẹni tí eyín ti ń dùn ni yóò sáré wá rà á, bí ó bá sì tọ́jú rẹ̀ tán, ó di ìgbàgbé. Ẹ rántí ẹni tó kọ́kọ́ kó àjọ tí kò padà wá dá a mọ́: òun ni wọ́n ń sá fún.

Nítorí náà ni wọ́n fi ń tà á ní àfikún, ráídà ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n sì de okùn mọ́ ọn. Dọ́là 35 lóṣù ni tèmi. Fífọ eyín lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ń san gbogbo rẹ̀. Dídí ihò, wọ́n ń san ìdá 80 nínú 100. Iṣẹ́ ńlá, ìdajì. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ san dọ́là 50 lọ́dún, wọn kò sì ní san ju dọ́là 1,500 lọ lọ́dún kan. Okùn tó mú mi lọ́rùn ni pé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù 12.

Oṣù Kìn-ín-ní ni àfikún mi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, dókítà fi fọ́tò hàn mí: ìjẹrà ti dé iṣan inú eyín ẹ̀yìn. Kí wọ́n kó iṣan tó jẹrà kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,200, kí wọ́n fi ìbòrí dé e bí adé jẹ́ 1,400; iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì. Bí mo bá ti dúró pé ọdún ni, wọ́n á yọ 50 kúrò nínú 2,600, wọ́n á san ìdajì ìyókù, ìyẹn 1,275. Àmọ́ oṣù méjì péré ni mo ti san, nítorí náà èmi ni mo san gbogbo rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ilé iṣẹ́ náà máa ń fojú fo ìdúró yìí fún ẹni tó ń bọ̀ láti orí ìnṣọ́ránsì eyín mìíràn láìsí àlàfo. Èmi ni mo jáwọ́ nínú ti àtijọ́ nígbà tí mo pààrọ̀ iṣẹ́, nítorí dọ́là 35 tí mo fẹ́ fi pamọ́! Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí n bi wọ́n nìyẹn.

Àfikún ti ojú kò le tó bẹ́ẹ̀. Dọ́là 9 lóṣù: mo ń san 10 fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ń san tó 150 lórí férémù gíláàsì. Mo mú ti 220, mo fi 70 kún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ìfúnpá inú ojú mi ga, tí wọ́n ń bẹ̀rù gulọkómà, àìsàn tó lè fọ́ni lójú, tí ó sì máa ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ, ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àfikún lójijì. Ó di àìsàn, ìnṣọ́ránsì ńlá ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ojú kan náà, ìwé méjì!

Àbúrò mi ní kí n máa bọ̀ wá ṣe eyín nílé, ó dín owó. Mo ní kí ó ṣírò owó ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ọn. Mo ti bá a jiyàn tó: nílé, n bá má mọ̀ pé ìfúnpá ojú mi ga, torí mi ò lọ wò ó rí. Òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu mi ń ro mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fi gíláàsì ìwé kan ránṣẹ́. Ìnṣọ́ránsì yín á san án."