Lẹ́tà ẹgbẹ́ àtúnlò sí pírínsípà, ẹ̀dà kẹta: omi inú ọ̀rá ló dá wa dúró

Ẹ̀dà kẹta lẹ́tà tí a fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ pírínsípà láti dá ẹgbẹ́ àtúnlò sílẹ̀ ti wà nílẹ̀, ojú ìwé kan géérégé. Àdírẹ́sì méjèèjì ti wọlé, déètì ti wọlé, àkòrí ti wà lábẹ́ ìkíni, àyè ìfọwọ́sí olùkọ́ tí yóò máa bójú tó ẹgbẹ́ sì ti wà nísàlẹ̀. Pépà ti jáde kúrò nínú ètò pátápátá, nítorí ó ń fẹ́ yàrá tí òjò kò lè dé, ilé ẹ̀kọ́ náà kò sì ní yàrá kankan tó ṣófo. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà àti ike ẹlẹ́rìndòdò nìkan ló kù. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìpínrọ̀ kejì ló gba gbogbo alẹ́ àná: "A ó máa kó ọ̀rá náà sínú àpò ìrẹsì, a ó sì tà á ní ìparí oṣù."

Gbólóhùn náà dùn ún kà, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í gé ọ̀rá omi, eyín ló fi ń já igun rẹ̀. Ihò tí eyín dá lu kò tóbi, nítorí náà tó bá mu ún tán, omi díẹ̀ á sá sí igun kejì, kò sì ní jáde bí ẹ tilẹ̀ dorí rẹ̀ kodò. A kó àádọ́ta ọ̀rá gbígbẹ lé síkéèlì ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọ̀kan ṣoṣo fúyẹ́ ju ohun tí irú síkéèlì bẹ́ẹ̀ lè wọ̀n dáadáa lọ. Ó jẹ́ 100 gíráàmù, ìyẹn ni pé ọ̀kan jẹ́ 2 gíráàmù. A wá kó àádọ́ta mìíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán lé e: 350 gíráàmù! Omi tó kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó gíráàmù 5, ó kún ṣíbí tíì kan. Nínú àpò tí gbogbo wa ń pè ní àpò ọ̀rá, omi ju ìlọ́po méjì ọ̀rá lọ. Ọ̀rá ilé iṣẹ́ kan lè nípọn ju ti òmíràn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wọn èyí tó wà lọ́dọ̀ yín kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀.

Àwọn olùrà ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, tí ọwọ́ bá sì tutù, wọ́n á yọ iye tó bá wù wọ́n kúrò nínú ìwọ̀n, tàbí kí wọ́n ní àwọn kò rà mọ́. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ọ̀rá tútù tí a dì pa sínú àpò fún ọ̀sẹ̀ kan á máa yọ̀, á máa rùn, eèrà á sì bò ó bí ọ̀rá yúgọ́ọ̀tì kan bá ṣèèṣì wọ̀ ọ́. Ike tí kò ní ìdérí, tí omi sì kù sí, á di ilé ẹ̀fọn. Pírínsípà kan tó bá gbóòórùn yẹn lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò ní ka ẹ̀dà kẹrin lẹ́tà ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, báwo ni ọ̀rá ọgọ́rin tí a ń retí lójúmọ́ ṣe máa gbẹ láìgba àyè? Okùn àti ohun tí a fi ń há aṣọ ni ìmọ̀ràn àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rin ọ̀rá ń fẹ́ ọgọ́rin ohun ìháṣọ, bíréèkì á sì tán kí wọ́n tó há ogún. Sísá a sórí kọnkéré ni èkejì. Atẹ́gùn gbé e káàkiri ọgbà, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kó pàǹtírí wá di ẹgbẹ́ tó ń fọ́n ọn ká. Àpò ìrẹsì tí a gbé kọ́ ni ẹ̀kẹta: lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ti òkè ti gbẹ, ti ìsàlẹ̀ ṣì wà nínú omi, torí àwọn àpò kan ní ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sínú, omi kò sì ríbi gbà jáde.

Àpò àlùbọ́sà ló gbà wá. Ó rí bí àwọ̀n, omi ń kán gba ìsàlẹ̀ rẹ̀, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n àpò nìkan kò tó. Àfi kí a ya orí ọ̀rá láti ìkangun kan dé èkejì, kí ẹnu rẹ̀ là gbàǹgbà, kí a gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wọ àpò. Ẹ má gé orí náà já o! Bí ẹ bá gé e já, tẹ́ẹ́rẹ́ ọ̀rá tó bọ́ á gba ojú àwọ̀n jáde, ẹ̀yin náà ni ẹ ó sì máa ṣà á nílẹ̀. Ẹ dá a dúró níbi tó kù bí ìbú ìka kan. Sísọ́ọ̀sì olórí róbótó tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò gé e dáadáa, ìyẹn sì yanjú ìbéèrè tí pírínsípà ìbá bi wa nípa ohun mímú lọ́wọ́ ọmọdé.

Ẹ̀yin tó ń wá àpò àlùbọ́sà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àlùbọ́sà ní ìwọ̀n àpò ni kí ẹ lọ. Ní Ìbàdàn, ẹ wò ọ́ ní Bódìjà tàbí Ṣáṣá, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti tú ọjà tán. Ẹ yan èyí tí ojú rẹ̀ kéré, torí olójú ńlá ń jẹ́ kí igun ọ̀rá yọ síta, ó sì ń fà ya. Ẹ gbọn èèpo àlùbọ́sà kúrò, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Àpò mẹ́ta ló tó fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: èyí tó kún lọ́jọ́ Ajé á gbẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, a ó tú u láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí ó tún lè ṣiṣẹ́. A ó ní mẹ́rin nílẹ̀ nítorí òjò.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ: a kó ọ̀rá bíi mẹ́wàá láti àárín àpò, kì í ṣe láti òkè, a dì wọ́n sínú ọ̀rá tó mọ́ kedere, a gbé e sójú oòrùn. Bí inú ọ̀rá náà bá ṣe kùrukùru bí ojú gíláàsì tí a mí sí, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ padà gbé e kọ́. Lábẹ́ òrùlé ni kó wà, ẹ má gbé e sí ojú oòrùn gan-an fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, torí oòrùn ń mú kí ọ̀rá gan, kó sì máa já wẹ́wẹ́.

Ibí ni ètò tún ti yí. Ẹ̀dà kejì ṣèlérí pé owó ọ̀rá yóò ra bẹ́ǹṣì tuntun fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 160 ni yóò bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ kíláàsì kejì. Ká ní ìdajì wọn mú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan wá lóòjọ́: 80 lọ́nà 2 gíráàmù jẹ́ 160 gíráàmù. Ọjọ́ márùn-ún, 800 gíráàmù. Ọ̀sẹ̀ 12, kílò 9.6. Gbogbo táàmù, ọ̀rá kò tó kílò mẹ́wàá! Ike ẹlẹ́rìndòdò ṣe díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: tí ogún ike bá wọlé lóòjọ́, tí ọ̀kan sì tó 20 gíráàmù, kílò méjì ni lọ́sẹ̀, kílò 24 ní táàmù. Àpapọ̀ rẹ̀ kò pé kílò 34. Olùrà tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù kò ní wá nítorí ìyẹn, a ní láti gbé e lọ bá a. Bẹ́ǹṣì ti jáde nínú lẹ́tà nìyẹn. Iye kílò ló rọ́pò rẹ̀, torí ìyẹn ni pírínsípà lè fojú rí nínú ìwé.

Ìpínrọ̀ tó wà nínú lẹ́tà báyìí nìyí, lẹ́yìn "Alàgbà" àti àkòrí "Ìtọrọ Àyè Láti Dá Ẹgbẹ́ Àtúnlò Sílẹ̀":

"A ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kejì lè dá ẹgbẹ́ àtúnlò sílẹ̀ fún táàmù kan ṣoṣo. Ọ̀rá omi àti ike ẹlẹ́rìndòdò tí a bá mu nínú ọgbà nìkan ni a ó máa kó. A kò ní ṣa ohunkóhun nínú gọ́tà tàbí lórí ààtàn.

"Nígbà bíréèkì, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin yóò dúró lẹ́bàá àwọn ìyá olóúnjẹ. Wọn yóò ya orí ọ̀rá, wọn yóò gbọn omi rẹ̀ sínú garawa, wọn yóò sì kó o sínú àpò àlùbọ́sà. Àpò kọ̀ọ̀kan yóò gbẹ fún ọjọ́ méjì. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a ó wọn èyí tó gbẹ, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kan tí yóò wà ní ọ́fíìsì yín.

"Àyè mítà méjì lábẹ́ òrùlé lẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì ni a ń tọrọ. Gbogbo ẹrù yóò kúrò nínú ọgbà kí ilé ẹ̀kọ́ tó gba ìsinmi. Ọwọ́ bọ́sà ni olùrà yóò san owó sí, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ní gbà á."

Lẹ́yìn èyí ni "Èmi ni tiyín ní tòótọ́", orúkọ alága ẹgbẹ́, àti ìfọwọ́sí olùkọ́. Gbólóhùn nípa gọ́tà kò gbọdọ̀ kúrò. Òun ló ń dáhùn ìbéèrè òbí tó bá ní wọ́n sọ ọmọ òun di aṣààtàn.

Ohun tí kò wọ lẹ́tà, tó yẹ kó wà lára ògiri lẹ́bàá garawa: ọ̀rá bisikíìtì kò sí lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dán bí fàdákà, oríṣi nǹkan bíi méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, olùrà ọ̀rá omi kì í gbà á. Ìdérí ike náà kì í ṣe irú ike kan náà pẹ̀lú ike fúnra rẹ̀. Ẹ gé díẹ̀ lára ike, ẹ jù ú sínú omi, á rì. Ẹ ju ìdérí sí i, á léfòó. Àwọn olùrà kan ń fẹ́ ìdérí lọ́tọ̀, àwọn mìíràn ní ká fi í lé e. Títẹ ike pẹrẹsẹ kí a tó dé e padà ń dín àyè kù, kò sì jẹ́ kí ẹ̀fọn wọ̀ ọ́, nítorí náà ọ̀nà yẹn la ó fi bẹ̀rẹ̀, àfi bí olùrà bá ní òun kò fẹ́.

Ìyẹn gan-an ló kù. Àyè tí owó kílò kan wà nínú ètò ṣì ṣófo, a kò sì ní méfò. Ọjọ́bọ̀ la ó mú ọ̀rá gbígbẹ kílò kan lọ bá olùrà méjì, ká gbọ́ iye tí wọ́n máa rà á, ká bi wọ́n léèrè ìdérí, ká tún mọ iye kílò tó kéré jù tí wọ́n ń gbà. Bí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ dín ní àádọ́ta kílò, ọ̀rọ̀ "táàmù kan" á di "táàmù méjì", a ó sì ní láti tún gbólóhùn tó ní gbogbo ẹrù á kúrò kí ìsinmi tó dé kọ.