Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń wá ìdọ̀tí nínú etí tí kò dọ̀tí

Ẹ̀yin tí ẹ jí tí etí yín kan dí gbọin bí ẹni ki òwú bọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ ná. Tó bá ti pé ọjọ́ kan, ẹ lọ rí dókítà etí. Èmi fi mẹ́sàn-án ṣòfò.

Àárọ̀ Sátidé ni, ní Kubwa níhìn-ín. Àbúrò mi pè láti Ìlọrin, mo gbé fóònù sí etí òsì bí mo ṣe máa ń ṣe, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ìgbà tí mo gbé e sí ọ̀tún ni mo gbọ́ ọ tó ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Etí òsì náà kò sì dákẹ́ o, ó ń hó bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aládùúgbò tàn sẹ́yìn fèrèsé. Kò dùn mí, kò ṣọyún. Àìdùn yẹn ló tàn mí jẹ.

Bọ̀dá oníkẹ́míìsì ní ìdọ̀tí etí ni, ó ta oògùn tí mo fi ń kán an fún ọjọ́ mẹ́rin. N kò dá a lẹ́bi, èmi ni mo ní kó fún mi ní nǹkan. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Omi náà jáde ní mímọ́ gaara, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé ìdọ̀tí tí à ń fọ̀ dà. Wọ́n fún mi ní oògùn tí ń pa kòkòrò, mo lọ sílé.

Ọjọ́ kẹjọ ni mo ń sọdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Mo gbọ́ fèrè kẹ̀kẹ́ Márúwá, etí ọ̀tún nìkan ló sì gbé e wá, ni mo bá yà bàrà sí òsì. Òsì gan-an ni kẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀. Dígí rẹ̀ gbá mi ní apá, gèlè mi já bọ́ sí kọ̀tà. Ọmọ náà fi Háúsá bi mí pé ṣé adití ni mí. Mo jókòó lórí àpótí tòmátò olówò kan, mo sunkún, torí ìdáhùn rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni. N kò tíì sọ èyí fún ọkọ mi títí di òní.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà etí gbá irin ẹlẹ́nu méjì kan mọ́ ìgúnpá rẹ̀ kó lè máa dún, ó fi ìdí rẹ̀ kàn mí níwájú orí. "Níbo lẹ ti ń gbọ́ ọ, mà?" Mo ní ọ̀tún. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní tó bá jẹ́ ìdọ̀tí ló dí etí òsì, inú òsì yẹn gan-an ni ohùn ì bá ti dún jù. Tó bá sá lọ sí etí tó dáa, inú lọ́hùn-ún, níbi iṣan tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ, ni ọ̀ràn wà. Àyẹ̀wò inú yàrá kótópó tí ariwo kì í wọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ gan-an nìyí: ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ kùn "hùn-ùn-ùn". Tó bá dún jù nínú etí tó dáa, ẹ má kán nǹkan kan sí i, ẹ sáré. Tó bá dún jù nínú èyí tó dí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdọ̀tí tàbí ọ̀fìnkìn, ṣùgbọ́n kí dókítà ṣì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni, kò gba kọ́bọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi.

Ìdí eré náà ni pé oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù máa ń wúlò jù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. A kì í sábà mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n sítẹ́rọ́ọ̀dù ń mú kí wíwú inú etí rọlẹ̀. Dókítà wo ṣúgà àti ìfúnpá mi kó tó kọ ọ́, torí oògùn náà ń gbé méjèèjì sókè. Pẹredínísólónì mílígíráàmù 60 lóòjọ́ ni, ìyẹn hóró méjìlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù márùn-ún, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo ní méjìlá kẹ̀? Ó ní mílígíráàmù kan fún kílò kan, kó má ju 60 lọ, kílò 64 sì ni mí. Ẹni tó bá ra mẹ́ta-mẹ́ta ní kẹ́míìsì kò tíì lo nǹkan kan. Mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, a wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, nítorí a kì í já a lójijì. Oorun kò kùn mí, ebi sì ń pa mí bí aboyún.

Ẹ má wí fún mi pé etí ẹnì kan là láìlo oògùn. Mo mọ̀, ó ń ṣẹlẹ̀. Dókítà náà sọ ọ́. Kò kàn sẹ́ni tó lè mọ ẹni tí tirẹ̀ máa là.

Tèmi là díẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹrin dókítà gún dẹksamẹ́tásónì, sítẹ́rọ́ọ̀dù mìíràn, gba inú awọ ìlù etí wọlé, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí nígbà kọ̀ọ̀kan láìgbé itọ́ mì, kó má baà ṣàn gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Wọ́n ya àwòrán orí mi pé bóyá kókó wà lára iṣan náà, kò sí. Ohùn tó nípọn ti padà, ohùn ọkọ mi wọlé dáadáa. Ti ọmọ mi tó tín-ín-rín kò tíì dé. Bí a bá wọ kẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo máa ń jókòó sí, kó lè bọ́ sí ọ̀tún mi.