Ìwé ìṣirò kéèkì: tíréè ni ó gba gbogbo ọwọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí

Òǹkà tíréè ti jáde ní alẹ́ àná, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó tutù lọ́kàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń ṣe ìwé ìṣirò yìí sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń ṣe kéèkì tà nílé wọn níbí ní Ìbàdàn, ohun tí a sì ń wá ni pé bí oníbàárà bá ti sọ ohun tí ó fẹ́, kí ìwé náà sọ iye fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, ẹyin àti páálí tí a ó rà. Ojú ewé èròjà ti parí. Ojú ewé ohun tí ó wà nílẹ̀ náà ti parí. Ìwọ̀n ìpìlẹ̀ kò yí padà: páànù róbótó íǹṣì 8 kan, tí ó ga tó íǹṣì 2 bí ó bá jinná, ń gba fúláwà gíráàmù 250, bọ́tà gíráàmù 250, ṣúgà gíráàmù 200 àti ẹyin 5.

Iṣẹ́ tí a fi dán ìwé náà wò jẹ́ iṣẹ́ ìgbéyàwó: kéèkì róbótó alájà mẹ́ta, íǹṣì 12, 10 àti 8, tí àjà kọ̀ọ̀kan ní ìpele méjì, pẹ̀lú kéèkì kéékèèké igba (200) tí a ó gé ní íǹṣì 2 sí íǹṣì 2, tí a ó sì fi sínú páálí pélébé fún àwọn àlejò.

Ti alájà mẹ́ta kò yọ mí lẹ́nu. Fífẹ̀ ojú páànù ni a ń fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe gígùn rẹ̀ láti etí dé etí, nítorí náà a ó fi íǹṣì náà lọ́po ara rẹ̀, a ó sì fi 64, tí í ṣe 8 lọ́nà 8 ti páànù ìpìlẹ̀, pín in. Íǹṣì 12 jẹ́ 144 ní ìlọ́po ara rẹ̀. Bí a bá fi 64 pín in, ìwọ̀n ìpìlẹ̀ 2.25 ni. Íǹṣì 10 jẹ́ 1.56, íǹṣì 8 sì jẹ́ 1. Ẹni tí ó bá rò pé íǹṣì 12 jẹ́ íǹṣì 8 kan àbọ̀ yóò fi ìdá mẹ́ta bọ́tà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà, kéèkì náà yóò sì jáde ní pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kò nílò ìwé kankan láti mọ èyí. Ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé íǹṣì 12 ń gba bọ́tà méjì pẹ̀lú díẹ̀ lórí rẹ̀, ìyẹn ni ó sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé ìṣirò náà tọ́. Bí a bá ro àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ní ìpele méjì méjì, a ní ìwọ̀n ìpìlẹ̀ 9.63.

Igba kéèkì kéékèèké yẹn ni ó dá mi dúró. Tíréè tí wọ́n fi ń yan án jẹ́ íǹṣì 12 sí íǹṣì 16, ó sì dà bíi pé kò sí ohun tí ó rọrùn ju èyí lọ: 12 lọ́nà 16 jẹ́ 192, ègé kan jẹ́ 4, ègé 48 ni yóò sì jáde nínú tíréè kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kì í fi etí kéèkì sílẹ̀ fún oníbàárà. Wọ́n máa ń gé ààbọ̀ íǹṣì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé etí náà máa ń pọ́n, ó sì máa ń gan, a kò sì lè gbé ègé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pọ́n tí ìyókù sì funfun síwájú àlejò. Ohun tí ó kù lẹ́yìn ìgékúrò náà ni íǹṣì 11 sí íǹṣì 15. Ìwé ìṣirò fi 4 pín 165, ó sì pè é ní 41. Mo gbé e han ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wo ojú ẹ̀rọ náà títí, wọ́n ní, “Àbúrò, mú ọ̀bẹ, kí o wá gé mọ́kànlélógójì yẹn fún mi kí n rí i.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀bẹ kì í gé ìdá kan ègé kí ó sì lọ parí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nínú íǹṣì 11, íǹṣì 2 márùn-ún péré ni ó lè jáde, ìyókù yóò di rírún. Nínú íǹṣì 15, méje péré ni. Márùn-ún lọ́nà méje jẹ́ 35. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ sọ di odidi kí a tó sọ wọ́n di púpọ̀, báyìí:

```
=INT(11/2)*INT(15/2)
```

Bí a bá fi 35 pín igba, tíréè mẹ́fà ni a ó yan. Tíréè kan jẹ́ ìwọ̀n ìpìlẹ̀ 3.82, nítorí pé 192 ni a fi 50.27, tí í ṣe fífẹ̀ ojú páànù róbótó íǹṣì 8, pín. Mẹ́fà yóò wá jẹ́ 22.92. Ó pọ̀ jù lójú mi, ó sì pọ̀ jù lójú ẹ̀gbọ́n mi náà, tí ó jẹ́ pé owó wọn ni yóò ra bọ́tà.

Páálí ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Inú páálí pélébé tí a ń lò jẹ́ íǹṣì 2 gan-an, kéèkì tí ó bá jẹ́ íǹṣì 2 gan-an sì máa ń há sínú rẹ̀, tí áísìn yóò sì máa fara kan ògiri. Bí a bá pín íǹṣì 11 sí ọ̀nà mẹ́fà, ègé kan jẹ́ íǹṣì 1.83, bí a bá pín íǹṣì 15 sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó jẹ́ 1.88. Ègé 48 ti padà wá, pẹ̀lú etí tí a ti gé kúrò, ó sì tún rọ̀ wọnú páálí. Nítorí náà, mo ti yọ òpó “ìwọ̀n ègé” kúrò nínú ojú ewé náà, mo sì fi “iye ègé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan” rọ́pò rẹ̀, nítorí iye ni ẹni tí ó mú ọ̀bẹ dání ń kà.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́ ni mo tún yí ohun kan padà. Tíréè mẹ́rin jẹ́ ègé 192, ó ku ègé 8, mo sì ti fẹ́ kọ tíréè karùn-ún sílẹ̀ nítorí ègé mẹ́jọ. Páànù onígun mẹ́rin íǹṣì 8 wà nílé. Bí a bá gé etí rẹ̀, ó ku íǹṣì 7 sí 7, tí a lè pín sí mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Ègé kan yóò jẹ́ íǹṣì 1.75, ó kéré díẹ̀ sí ti tíréè, ṣùgbọ́n nínú páálí kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n. Èyí fún wa ní ègé 208. Páànù onígun mẹ́rin yìí jẹ́ ìwọ̀n ìpìlẹ̀ 1.27, kì í ṣe 1, nítorí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń gba kéèkì tí ti róbótó kò gbà. Tíréè mẹ́rin àti páànù yìí jẹ́ 16.55 lápapọ̀, dípò 22.92. Ìyàtọ̀ náà lé ní kílò kan àbọ̀ fúláwà, ó sì tó bẹ́ẹ̀ ní bọ́tà.

Gbogbo iṣẹ́ náà wá jẹ́ ìwọ̀n ìpìlẹ̀ 26.18. Mo fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún ohun tí ó ń lẹ̀ mọ́ abọ́. A kò ṣàdédé mú iye yìí: ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ sórí ìwọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìgbálẹ̀ rọ́bà há a tán, ohun tí ó kù mọ́ ara abọ́ àti ìgbálẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 30 nínú àpòpọ̀ kílò kan. Bí àpòpọ̀ inú abọ́ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá tí ó ń lẹ̀ yóò dín kù, nítorí náà kì yóò tó bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ó ti gbé e sókè dé odidi ni ó kù. Bọ́tà ń wá ní gíráàmù 250 lọ́kọ̀ọ̀kan, a kò sì lè ra ìdajì rẹ̀. Bí a bá gbé àjà kọ̀ọ̀kan, tíréè àti páànù sókè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bọ́tà 30 ni ìwé yóò ní kí a rà. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí a tó gbé e sókè, 27 ni. Mẹ́ta ti wọlé láìnídìí. Lẹ́yìn ìròpọ̀ ni a tún gbọ́dọ̀ yọ ohun tí ó wà nílẹ̀, ohun tí ó wà nílẹ̀ kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí nínú fíríìjì. Bọ́tà mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí a ti gba owó rẹ̀. Èyí ni fọ́múlà tí ó dúró báyìí:

```
=CEILING(MAX(0, E2*1.03-(F2-G2)), H2)
```

E2 ni ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́, F2 ni ohun tí ó wà nílẹ̀, G2 ni ohun tí a ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, H2 sì ni ìwọ̀n ẹyọ kan tí wọ́n ń tà lọ́jà. Fún bọ́tà, 6544, 2250, 1000 àti 250 ni mo fi sí i, ó sì dá 5500 padà, ìyẹn bọ́tà 22. MAX wà níbẹ̀ kí ó má baà sọ pé kí a lọ ra ohun tí ó dín sí òdo nígbà tí ohun tí ó wà nílẹ̀ bá pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ. Ẹyin 18 ni ó wà nílẹ̀, a nílò 135, nítorí náà kéréètì mẹ́rin ni a ó rà.

Fúláwà jẹ́ kílò 6.74, ṣúgà sì jẹ́ 5.39, kí a tó yọ ti ilé. Mo ti fẹ́ fi òpó kóńgò sí i nítorí bí a ṣe ń rà á ní Bódìjà nìyẹn bí a kò bá fẹ́ odidi àpò, ṣùgbọ́n mo ti pa á rẹ́. Kóńgò ń wọn àyè ni, kì í wọn ìwúwo. Nínú ife kan náà tí fúláwà ti jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 125, ṣúgà máa ń tó 200, bí ìyá tí ó ń tà á bá sì ti gbo kóńgò mọ́lẹ̀ tàbí tí ó bu òkè lé e, òǹkà mìíràn ni a tún ń bá lọ. A ó máa wọ̀n ọ́n bí ó bá ti délé, iye kílò rẹ̀ ni a ó sì kọ sí òpó F.

Páálí kò bá ìwọ̀n ìpìlẹ̀ rìn rárá, iye ni à ń ka ní tirẹ̀. Igba ègé ń fẹ́ igba páálí, pẹ̀lú mẹ́wàá fún èyí tí yóò ya tàbí tí áísìn yóò kùn. Mẹ́tàdínlógójì wà nílẹ̀, ẹni tí ó ń tà á fún wa ní Agbẹni kì í sì í tú dìdì àádọ́ta, nítorí náà dìdì mẹ́rin ni. Àjà kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀ tí ó bá a dọ́gba, bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ni ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù ú lọ, a sì mú ti íǹṣì 16 fún íǹṣì 12 kí àyè lè wà fún òdòdó.

Ìṣirò yìí kò tíì ka bọ́tà tí ó wà nínú áísìn. Áísìn ń bo òkè àti ara kéèkì, kò sì kún inú rẹ̀, nítorí náà 64 tí a fi ń pín kò lè bá a mu. Gíga àjà ni yóò wọ inú rẹ̀. Ojú ewé tirẹ̀ ni mo ń ṣí lọ́la, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò wọn abọ́ áísìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún sára íǹṣì 8, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá kùn ún tán.