“Ara ọmọ mi gbóná, kí ni kí n fún un?”: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àdúgbò tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ìbéèrè yìí ni ẹ máa gbọ́ ju ìyókù lọ. Ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: parasitamọ́ọ̀lù, síbí kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ìdáhùn yẹn lè tọ̀nà fún ọmọ kan. Ọmọ mìíràn wà tí wọ́n fi gbólóhùn kan náà bèèrè nítorí tirẹ̀, tí ìdáhùn yẹn lè gba ẹ̀mí ẹ̀. Ohun tó ya àwọn ọmọ méjèèjì sọ́tọ̀ kò sí nínú ìbéèrè náà rárá. Àfi kí ẹ̀yin bèèrè rẹ̀.

Èdè wa gan-an ń dá kún ìṣòro yìí. Tí ìyá kan bá ní “ibà ń ṣe ọmọ mi”, ó lè jẹ́ pé ara tó gbóná ló ní lọ́kàn, ó sì lè jẹ́ ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún àmì àìsàn àti fún àìsàn fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì mú oògùn ibà sílẹ̀ nítorí pé ẹ gbọ́ “ibà”. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: “Kí lẹ rí lára ọmọ náà, Màmá?”

Ọjọ́ orí ni kó tẹ̀ lé e, òun ni mo fi ṣíwájú gbogbo ìyókù. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè yẹn sí orí ọmọ ọjọ́ 18. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, tí tẹmómítà abíyá rẹ̀ bá ka 37.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ló ń lọ lọ́jọ́ náà. Ara rẹ̀ kò tíì lágbára láti há kòkòrò mọ́ ojú kan. Kòkòrò tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dé awọ tó bo ọpọlọ láàárín wákàtí díẹ̀, kó sì má fi àmì púpọ̀ hàn ju pé kò fa ọmú dáadáa. Tí ẹ bá fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, ara náà lè tutù fún wákàtí mẹ́rin. Ìyá á ní ó ti yá, á gbé e sùn, kòkòrò á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò ni ọmọ yẹn nílò. Ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé ara ọmọ jòjòló tó ń ṣàìsàn gidi lè tutù dípò kó gbóná: tí tẹmómítà bá ka ohun tó kéré sí 35.5, ọ̀nà ilé ìwòsàn kan náà ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ààlà tiwọn, pẹ̀lú 38. Bí ọmọ bá wà láàárín ààlà méjèèjì, èmi á ní kí ìyá rẹ̀ máa gbé e lọ.

Ẹ wá fi ìbéèrè kan náà sí orí ọmọ oṣù mẹ́jọ tó wọn kílò 8, tó ń mu ọmú, tó ń rẹ́rìn-ín. Parasitamọ́ọ̀lù tọ́ sí ọmọ yìí, ṣùgbọ́n “síbí kan” kì í ṣe ìwọ̀n. Mílígíráàmù 10 sí 15 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi 15 sọ 8 di púpọ̀, 120 ló máa jẹ́. Ìgò ṣírọ́ọ̀pù ọmọdé tó wọ́pọ̀ ní mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5, nítorí náà mílílítà 5 bá a mu. Ṣùgbọ́n ìgò kékeré kan tún wà, èyí tó ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń kán oògùn lórí, tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìgò bẹ́ẹ̀, mílígíráàmù 100 ló wà nínú mílílítà 1 péré. Ìyá tó gbọ́ “síbí kan” tó sì bu mílílítà 5 nínú èyí ti fún ọmọ rẹ̀ ní 500. Gbogbo èyí tí ọmọ kílò 8 lè lò láàárín wákàtí 24 kò gbọdọ̀ ju 480 lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ti ré ààlà kọjá. Tó bá fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ ọmọ náà ló máa jìyà rẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó hàn. Ẹ ní kó gbé ìgò náà wá síwájú yín, kó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Síbí tí a fi ń jẹ ìrẹsì kò sì kan ọ̀rọ̀ oògùn, ó lè gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

Láti ìgbà wo? “Ó ti ṣe díẹ̀” kì í ṣe ìdáhùn, àná lẹ́nì kan ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́lòmíì ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè orúkọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè bóyá ó lọ pátápátá láàárín. Ara tó ti ń gbóná lójoojúmọ́ ju ọjọ́ méje lọ, dókítà ló yẹ kó rí i, kì í ṣe ìgò parasitamọ́ọ̀lù mìíràn. Ẹ tún bèèrè bóyá ọmọ ti lo oògùn ibà láìpẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ibà olójú ẹsẹ̀, èyí tí ìlà méjì ń yọ lórí ike rẹ̀, ohun tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú. Ohun náà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ọmọ náà lo oògùn lọ́jọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn á rí ìlà méjì, á tún gbé oògùn ibà fún un, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá ọmọ jà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù ló lè sọ òótọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bèèrè nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: ṣé AA ni, àbí AS, àbí SS? Nínú ọmọ SS, ẹ̀yà ara tó máa ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà ara gbígbóná tirẹ̀ kì í dúró di ọ̀la, kódà bó bá ń ṣeré. Kí ẹ tún mọ ohun tí wọ́n ti fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, torí parasitamọ́ọ̀lù wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn, ìyá kò sì ní mọ̀ pé méjì ni òun ń fún un.

Ọmọ tí kò lè mu nǹkan, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí gìrì ti mú, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má bèèrè ohunkóhun mọ́, ẹ gbé e lọ.

Tó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù ni, tí wọn ò kọ ọjọ́ orí sí i, ẹ má fi orúkọ oògùn dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ padà nìyí: “Ẹ kú ìtọ́jú, Màmá. Ọmọ oṣù mélòó ni? Tí kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ má dúró de ìdáhùn mi, ẹ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí.”