Ojú ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n máa kà

Ogún ìṣẹ́jú ni màmá kan tí mo ń wá owó okòwò lọ́dọ̀ wọn fún mi ní ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà. Mo gbé ìwé ètò okòwò mi, olójú ewé 22, síwájú wọn, mo jókòó, mo ń ṣọ́ ojú wọn. Wọn ò tíì ka ìlà mẹ́rin nínú àkópọ̀ tó wà níwájú tí wọ́n fi gbé ìwé sílẹ̀.

“‘Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé.’ Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Kí lò ń tà?”

Gàrí ni mò ń tà. Nítòsí Ìsẹ́yìn la ti ń yan án, àwọn alátùntà Ìbàdàn ló ń kó o lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ náà “gàrí” ti kọ́kọ́ jáde nínú àkópọ̀ mi. Ìbà ni mo fi ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ jú, ẹni tó ní ogún ìṣẹ́jú kò sì ráyè ìjúbà.

Nígbà tí mo tún un kọ, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: “Àpò gàrí oníkílò 50 là ń tà, 120 lóṣù. 200 ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Èrè ₦5,000 ló wà lórí àpò kan. ₦6,000,000 la fẹ́, kí a lè yan 80 tó kù.” Ẹni tó bá ka ìyẹn ti mọ ohun tí mò ń tà, ó mọ̀ pé àwọn èèyàn ti ń rà á, ó sì mọ iye tí mo wá béèrè.

Iye yẹn gan-an, mo ti kọ́kọ́ ṣì í kọ. ₦3,000,000 ẹ̀rọ ìyangàrí nìkan ni mo béèrè, mo rò pé owó kékeré ò ní já wọn láyà. Bẹ́ẹ̀ ₦37,000 ló ń ná wa láti yan àpò kan tí à ń tà ní ₦42,000, àwọn alátùntà sì ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n tó sanwó. Àpò 80 máa gba ₦2,960,000 lọ́wọ́ wa kí kọ́bọ̀ kan tó padà wọlé. Ẹ̀rọ á wà nílẹ̀, a ò ní rówó ra ẹ̀gẹ́ sí i. Ẹni tó ti ṣòwò rí máa rí ihò yẹn lójú ẹsẹ̀, á sì pa ìwé dé. Nítorí náà mo pín owó náà sí méjì nínú àkópọ̀: mílíọ̀nù 3 fún ẹ̀rọ, mílíọ̀nù 3 fún ẹ̀gẹ́ àti owó òṣìṣẹ́. Èrè àpò 80 jẹ́ ₦400,000 lóṣù, ìyẹn ni pé oṣù 15 ni èrè yẹn máa tó mílíọ̀nù 6, bí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé.

Ohun tó ń mú kí wọ́n ṣí ewé kejì ni mo ti gbé pa mọ́ sí ojú ìwé 17: ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Nǹkan bíi kílò ẹ̀gẹ́ 250 ló ń wọ àpò gàrí kan. Ní ₦100 lórí kílò, ₦25,000 nìyẹn. Bó bá di ₦120, ₦5,000 ti lé sí i, èrè wa tán pátá. Mo mú un wá síwájú: “Bí kílò ẹ̀gẹ́ bá di ₦120, a ò jèrè. Àgbẹ̀ 14 ti bá wa fẹnu kò sí iye kan fún oṣù 6. Ẹ wo ojú ìwé 4.” Mi ò kọ “àlàyé wà nínú” lásán o. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká lára mọ ewé tó máa ṣí. Ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àgbẹ̀ lè ta ẹ̀gẹ́ fún ẹlòmíì bí ọjà bá gbówó lórí, nítorí náà ojú ìwé 4 sọ iye tí à ń san fún wọn ṣáájú.

Ẹ kọ gbogbo ìwé tán kí ẹ tó kọ àkópọ̀, kí iye má ba à tako ara wọn. Tèmi sọ pé àpò 120 níwájú, 110 ló wà nínú tábìlì ojú ìwé 9.

Nígbà tí mo padà lọ, màmá ka àkópọ̀ náà dé ìsàlẹ̀. Wọ́n tutọ́ díẹ̀ sí ìka, wọ́n wá ojú ìwé 4 lọ.

“Àwọn àgbẹ̀ yìí, èló lẹ̀ ń fún wọn ṣáájú?”

“Ìlà kẹta, mà.”

Wọ́n fa bírò yọ.